Owó Dẹ́kínì Kò Ṣeé Dá sí Méjì: Ṣíṣẹ́ Dọ́là fún Ilé Kíkọ́ ní Ìkòròdú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Amẹ́ríkà lèmi àti ìyàwó mi wà. A ti tọ́jú dọ́là 40,000, a sì ti ra ilẹ̀ sí Ìgbógbo ní Ìkòròdú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré la fẹ́ kọ́. Ṣé ká ṣẹ́ gbogbo owó náà sí náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, àbí ká máa ṣẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣẹ́ ẹ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì ṣẹ́ ẹ lóṣooṣù. Ibi tí ilé bá dé ni kí ẹ máa wò. Bí iṣẹ́ ìpele kan bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣẹ́ owó ìpele yẹn pé pérépéré, kí ìyókù wà ní dọ́là lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Ìgbógbo lèmi náà kọ́lé sí láti Amẹ́ríkà, ohun tí ojú mi rí láàárín 2023 sí 2024 ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jọ bẹ̀rẹ̀ ni, àwòrán ilé kan náà la sì lò. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́ gbogbo owó tirẹ̀. Dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí náírà 750 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó níta, àpò sìmẹ́ńtì kan sì wà ní nǹkan bí 5,000. Ẹni tó bá wa ṣírò ohun èlò sọ pé dẹ́kínì ilé náà, ìyẹn kọnkéré tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, pẹ̀lú àwọn bíìmù abẹ́ rẹ̀, máa gba àpò sìmẹ́ńtì 150. Ẹ̀gbọ́n mi ya 750,000 sọ́tọ̀ fún un, ó fi sí báǹkì, ó sì gbájú mọ́ ìsàlẹ̀ ilé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà da gbogbo ojú tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó òkèèrè pọ̀ mọ́ ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 ní báǹkì gan-an, sìmẹ́ńtì sì ti wọ 10,000. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú kò dín ní kọ́bọ̀, àmọ́ àpò 75 péré ló lè rà. Tèmi ṣì wà ní dọ́là. Dọ́là 1,000 tí ì bá ra àpò 150 ní 2023 ló di mílíọ̀nù kan àbọ̀ ní 2024, ó sì tún ra àpò 150 náà, owó táṣẹ́rẹ́ ni mo fi kún un.

Ẹ lè ní ṣebí àpò 75 á ṣe ìdajì, kó tó rí owó ìyókù. Kò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú dẹ́kínì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dà á, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi parí. Tí wọ́n bá da apá kan lónìí, tí wọ́n wá da èkejì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé kò ní lágbára bíi ti ibi yòókù, omi á sì máa gba ibẹ̀ jò. Nítorí náà, ṣe ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró. Òjò pa ògiri ìsàlẹ̀ àti àwọn irin tó yọ sókè lórí òpó jálẹ̀ oṣù mélòó kan. Ìpata tó ń ṣí bí èèpo ló bo irin yẹn, àwọn tó ń tẹ irin sì ní láti ha á mọ́ kí wọ́n tó lè so tuntun mọ́ ọn. Owó tí kò sí nínú ìṣirò kankan nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ṣíṣẹ́ ẹ lóṣooṣù kò fi bá ilé mu. Ilé kì í jẹ owó ní ìwọ̀nba kan náà lóṣooṣù. Ó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kọnkéré ń gbẹ, kó wá béèrè mílíọ̀nù rẹpẹtẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ìpele yín parí síbi tí ilé ti lè sinmi láìbàjẹ́. Ìpele kìíní ni ìpìlẹ̀ títí dé jámánì fúlọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé tí wọ́n ń dà lé ìpìlẹ̀, kí ó sì bọ́ sí àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, torí ilẹ̀ apá ibẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀sà máa ń gbomi dúró. Ìkejì ni ògiri ìsàlẹ̀ pẹ̀lú dẹ́kínì, ẹ má ya wọ́n. Ìkẹta ni ògiri òkè pẹ̀lú òrùlé, ẹ má ya ìyẹn náà. Lẹ́yìn páànù, ẹ lè mí.

Owó àwọn ọmọ onílẹ̀ wà nínú ìpele pẹ̀lú o. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 lòdì sí i, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń yọjú nígbà ìpìlẹ̀, nígbà dẹ́kínì àti nígbà òrùlé. Ẹ fi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpele kọ̀ọ̀kan.

Dọ́là náà kì í ṣe ààbò tó pé. Ní oṣù Kẹrin 2024, náírà gbéra padà, dọ́là bọ́ sí nǹkan bí 1,100 sí 1,200. Mo mọ ẹni tó fẹ́ da dẹ́kínì ní oṣù Kejì, tó ní òun á dúró kí ó di 2,000. Ó dúró títí náírà fi yí mọ́ ọn lọ́wọ́, òjò sì bá a níbẹ̀. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá ti pé, iyekíye tí ọjà bá wà ni kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Nígbà mìíràn, dọ́là á dúró lójú kan, sìmẹ́ńtì á ṣì máa gbówó lórí. Ohun tí ẹ lè ṣe síyẹn ni kí ìpele kan má jìnnà jù sí èkejì.

Àwọn kan á ní kí ẹ ṣẹ́ ẹ tán, kí ẹ fi ra tíṣúrì bíìlì, ìyẹn owó tí ẹ yá ìjọba fún èlé, èlé rẹ̀ á gbà yín. Ní 2024, èlé ọdún kan tó nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Sìmẹ́ńtì di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Mi ò bá wọn dá sí i.

Ẹ lè fi owó ra irin ṣáájú bí ẹ bá ní ibi tí wọ́n lè tò ó sórí pákó, kí wọ́n sì bò ó dáadáa. Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Ẹ má rà á pamọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nínú ọ̀rinrin Ìkòròdú, á ti ń ní kókó nínú, agbára rẹ̀ á sì ti dínkù.

Tí ẹ bá ti ṣẹ́ owó, ẹ má jẹ́ kó sùn sínú àkáǹtì ẹbí. Kì í ṣe pé wọ́n burú, àmọ́ bí ìsìnkú tàbí àìsàn bá dé, owó tó wà nílẹ̀ ni wọn á kọ́kọ́ nawọ́ sí, ẹnu yín kò sì ní gbà á láti sọ pé rárá. Ẹ san án tààrà fún ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì àti ẹni tó ń ta irin, kí èèyàn yín kan tó wà nílé ka ọjà náà bó ṣe ń wọlé, kó sì ya fọ́tò rẹ̀. Owó òṣìṣẹ́ nìkan ni kó gba ọwọ́ ẹbí kọjá, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Owó ìparí ilé, ìyẹn táìlì, wáyà iná, ọpọ́n ilé ìwẹ̀, ni kí ó pẹ́ jù ní dọ́là. Púpọ̀ nínú wọn ń wá láti òkè òkun, iye dọ́là ni ọlọ́jà sì ń fi dá owó lé wọn.