Ewì ìdárò fún ìyá àgbà tí ọmọ fi fóònù mọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 15, kọ ewì ìdárò nílé ìwé. Ó kọ ọ́ nípa ìyá mi tó kú lọ́dún tó kọjá. Olùkọ́ dá a padà pé ó dùn, ṣùgbọ́n òun ò rí ìyá àgbà níbẹ̀. Ọmọ náà ní orí fóònù nìkan lòun ti mọ̀ ọ́n, òun ò ní nǹkan kan tóun lè kọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n bá a kọ ọ́.

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bá a kọ ọ́ o. Ìyá tó bí yín lẹ máa kọ, ẹni tí ọmọ yín pàdánù sì kọ́ nìyẹn. Èmi ti ṣe irú ẹ̀ rí nígbà tí bàbá mi kú. Mo fi ìlà mẹ́ta kún ewì ọmọbìnrin mi, olùkọ́ sì fàlà sábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan-an: "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?"

Fóònù tí ọmọ yín ń pè ní àìní yẹn, ibẹ̀ ni ewì náà wà. Èyí tí ọmọ mi kọ́kọ́ kọ kún fún omijé tó ń ṣàn bí odò, ìràwọ̀ tuntun lójú ọ̀run àti ọkàn tó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kò parọ́. Àmọ́ tí ẹ bá yọ "bàbá àgbà" kúrò, tí ẹ fi "ajá mi" rọ́pò rẹ̀, kò sí ìlà kan tó máa yẹ̀. Ohun tí mo fi ń dá irú ewì bẹ́ẹ̀ mọ̀ nìyẹn.

Mo wá fi bírò sílẹ̀, mo ń bi í léèrè, òun sì ń kọ èsì ní gbólóhùn lásán. Kí lo máa ń rí tí bàbá bá pè? Iwájú orí, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù sójú. Kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ? "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín?" Tí ọ̀rọ̀ bá parí ńkọ́? Wọn kì í lè pa á. Wọ́n á gbé e kalẹ̀, a ó sì máa wo àjà ilé wọn títí ẹnìkan á fi wá pa á. Èmi alára ti gbàgbé ìyẹn. Ojú ìwé kan kún, kò sì sí "ìbànújẹ́" níbẹ̀ rárá.

Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́ta péré ló mú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ìbéèrè bàbá nìkan ló fi sílẹ̀ ní Yorùbá. Mo túmọ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí sí Yorùbá fún yín rèé:

Iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ dáadáa,
ìlà mẹ́rin, àti iná tó ń tàn lókè wọn.
"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín?"

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Àjà ilé
ni mo ń bá sọ̀rọ̀.
Bàbá àgbà,
ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín?

Ẹ wo ìbéèrè yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ aago lásán ni, torí aago tiwọn àti tiwa kò dọ́gba. Nígbà tó padà wá, ọ̀rọ̀ kan kò yí nínú rẹ̀, ẹni tó ń bèèrè ló yí. "Ó" náà sì di "ẹ̀yin" níbẹ̀, lẹ́yìn tí ìpè ti dópin. Nínú èyí tó kọ́kọ́ kọ, ńṣe ló ń da méjèèjì pọ̀ láìnídìí.

Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ ti kọ́ wọn pé ewì ìdárò máa ń ti orí ẹkún bọ́ sórí ìyìn, kó tó kan ìtùnú. Ìtùnú yìí ló máa ń ba ti àwọn ọmọ jẹ́, torí wọ́n á kàn lẹ "ó ti sinmi ní àlàáfíà" mọ́ ìparí, bí ẹni lẹ sítáǹbù mọ́ lẹ́tà. Kò pọn dandan. Ìbéèrè ọmọ mi kò sọ pé òun mọ ibi tí bàbá wà, síbẹ̀ ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn sì tó.

Tí kì í bá ṣe pé olùkọ́ ní dandan, kó má wá ọ̀rọ̀ tó máa bá ara wọn dún ní ìparí ìlà. Wíwá yẹn ló máa ń dá ọmọ padà sọ́dọ̀ odò omijé.

Ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní, ẹ bi í léèrè, ẹ má sì tún èsì rẹ̀ ṣe. Ìlà márùn-ún ló wà níwájú orí bàbá mi. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, mo sì pa á dé.