Kí àwọn ọmọ tó dá iṣẹ́ ṣe

"Mo máa ń ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n dá a ṣe, wọ́n á kùnà. Kí ló fà á?"

Jíjọ ṣe é pẹ̀lú wọn, tó yẹ kó wà láàárín àlàyé àti àdáṣe, lẹ fò. Ká ní ìdá lẹ fẹ́ kọ́ wọn. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ àṣìṣe yìí, 1/2 + 1/3 = 2/5, sójú pátákó, kí ẹ bi wọ́n pé báwo ni àròpọ̀ ṣe wá kéré sí 1/2. Ẹ ṣe ọ̀kan lójú wọn, ẹ jọ ṣe 2, kí wọ́n wá kọ ìkẹrin sórí síléètì, kí wọ́n gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. (Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn á sọ.) Tí àwọn tó gbà á ò bá tó 8 nínú 10, ẹ má tíì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dá ṣe. Lẹ́yìn àdáṣe, ẹ fún wọn ní 1/4 + 1/3. Ẹni tó kọ 2/7 ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tó kọ 2/12 yí ìsàlẹ̀ padà, ó gbàgbé òkè.