Èsì: kí ni kí n sọ fáwọn ọmọ mi?

"Wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn ni. Ọmọ mi kan jẹ́ ọdún 4, ìkejì jẹ́ 7. Bálùwẹ̀ ni mo ti ń sunkún kí wọ́n má bàa rí mi. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà fi tèmi pa mọ́ fún ọmọ mi ọlọ́dún 5, àṣé ó ti ń gbọ́ mi lórí fóònù, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí mo wá bi í, ó ní ṣé torí bọ́ọ̀lù tóun gbá bà mí láyà ni. Ọkàn mi já! Bí ọmọ kékeré ṣe máa ń rò nìyẹn, pé òun ló fà á.

Torí náà ẹ pè é ní jẹjẹrẹ, ẹ má kàn ní ara yín ò yá, torí tí ibà bá mú wọn lọ́la wọ́n á rò pé ohun kan náà ni. Ẹ sọ pé ẹnikẹ́ni ò fà á, kì í ràn, ẹ ṣì lè dì mọ́ra, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó máa mú wọn lọ síléèwé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wà lọ́sibítù. Tó bá jẹ́ kimó, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n máa fún yín, ẹ tètè sọ pé irun lè re (tèmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2).

Ẹni ọdún 7 yẹn lè bi yín pé ṣé ẹ máa kú. Ẹ má ṣèlérí o. Ohun témi sọ ni pé "dókítà ń fún mi lóògùn tó lágbára, tí nǹkan bá yí padà, èmi fúnra mi ni màá sọ fún ẹ."

Ẹkún bálùwẹ̀ yẹn, wọ́n kúkú ń gbọ́ ọ.