Òpó iná ni mò ń kà, mi ò ka kílò mọ́

“Ẹ̀yin àgbà, ọmọ ọdún 29 ni mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 5 tí mo ti ń sáré láàárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, kílò 2 àti ààbọ̀ já lára mi, inú mi dùn débi pé mo ra bàtà tuntun. Látìgbà náà ìwọ̀n ò mì mọ́. Ó ti ń sú mi. Kí lẹ ṣe tí ò fi sú yín?”

Àbúrò, ó sú mi dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo pa á tì, kí ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó dúró. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Láàgere, ní Ifẹ̀ níbí. Látàárọ̀ dalẹ́, ìdí máṣíìnì ni mo máa ń wà.

Omi ló pọ̀ jù nínú kílò 2 àti ààbọ̀ rẹ yẹn. Ara máa ń kó ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, bóyá o tún dín iyán kù, ara ná lára ìpamọ́ yẹn, omi rẹ̀ sì bá a lọ. Ọ̀rá kì í yára bẹ́ẹ̀. Iṣan tó ń kọ́ iṣẹ́ tuntun náà tún máa ń fa omi mọ́ra, ìyẹn ni ọ̀rá fi lè máa dín kù kí ìwọ̀n má sì sọ nǹkan kan. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gun ìwọ̀n. Mo jẹun ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ó di ọjọ́ Àìkú, ìwọ̀n ní mo ti fi kílò kan lé e. Mo kó bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo wá ohun tó wà lọ́wọ́ mi láti kà. Òpó iná wà lójú ọ̀nà tí mò ń gbà ní Parakin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sáré òpó 2, mo rin òpó 4, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo ra ìwé ọmọ ilé ìwé, mo sì fa ìlà sí i: òpó tí mo sá láìdúró, òpó tí mo rìn fi sinmi, àròpọ̀ òpó tí mo sá. Ọjọ́ yẹn jẹ́ 2, 4, 12. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń jáde. Òpó kì í jìnnà síra bákan náà, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni mò ń gbà, kò ṣe nǹkan.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo dé òpó 5, mo há síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò bá ti tún sinmi ilé. Ìlà kejì ló gbà mí. Mo fi 5 sílẹ̀ bó ṣe wà, mo dín ìsinmi kù láti òpó 4 sí 3, nígbà tó yá ó di 2. Òpó tí mò ń sá ò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èémí mi ń tètè balẹ̀, ó sì hàn nínú ìwé. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o máa yí lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré rẹ ti le jù, máa ki oríkì ara rẹ bí o ṣe ń sá a. Tí èémí bá já ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, rọra.

Ìwé yìí náà ní ìjàǹbá tiẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, aládùúgbò kan jókòó síwájú ilé tó ń wò mí, ni mo bá fò láti 5 sí 9. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni etí ojúgun mi nínú lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí gbọọrọ. Ọ̀sẹ̀ 2 gbáko ni mo fi rìn láìsáré. Mo ń fi òdo kékeré sí ọjọ́ tí mo bá rìn, kí ojú ìwé má bàa ṣófo. Tó bá jẹ́ ojú kan péré ló ń dùn ọ́, tí orí ìka kan bò ó, tàbí tó ń dùn ọ́ lórí ibùsùn lóru, lọ sí ọsibítù, egungun lè ti sán.

Ọjọ́ tí o bá pàdánù, má san án padà. Mo gbìyànjú rẹ̀ rí, ọjọ́ kejì ló ń bà jẹ́. Tí òjò bá dá mi dúró tí ilẹ̀ ti mọ́ tán, òpó 2 péré ni mò ń sá kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń kọ ọ́.

Fún ara, teepu ni mò ń lò. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, kí n tó jẹun, mo máa mí síta, mo máa wọn ara mi yíká ní ìdodo, teepu ò ní fún. Láàárín oṣù 2, ó kúrò ní sẹ̀ntímítà 98 sí 95, nígbà tí ìwọ̀n fi ìdajì kílò péré dín. Ìdajì sẹ̀ntímítà kò ní kí o yọ̀ o, ọwọ́ nìkan lè ṣe ìyẹn. Ìwọ̀n náà ṣì wà nílé. Ọjọ́ tí mo bá fa teepu yọ nìkan ni mò ń gùn ún.