Ohun tó ju ẹkún lọ: ẹ̀rín ta ni, lórí ta ni?

*Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Nínú gúrúùpù àwọn ọmọ ilé wa ní Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, kò sí ìyà tí wọn kì í fi ṣe àwòrán ẹ̀fẹ̀: ebi, gbèsè, epo payò tó wọ́n, títí kan ẹni tó kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní "ohun tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín." Ṣé ohun tí òwe náà ń sọ nìyẹn? Ibo gan-an ni ìtura ti ń di ìkà?*

Àbúrò, òwe náà kò níṣòro, àwọn tó ń pa á ni wọ́n gé e kúrú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ju ẹkún rẹ̀ lọ ló ni ẹ̀rín yẹn. Ó ti sunkún títí, ó rí i pé omijé ò san gbèsè, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó dúró sí òdìkejì títì tó ń wò ó kò tíì sunkún kankan, nítorí náà kò sí ohun tó ju ẹkún tirẹ̀ lọ. Bí òun náà bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó wá òwe mìíràn.

Jẹ́ ká mú epo payò tí o dárúkọ, nítorí kò sí ilé tí kò kàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Tinubu ní Nàìjíríà, ó kéde pé ìrànwọ́ tí ìjọba ń ṣe lórí owó epo ti dópin. Kò pẹ́ tí lítà kan tí kò tó 200 náírà lọ́hùn-ún fi sún mọ́ 500. Ọ̀dọ̀ wọn ni payò tó wà nínú ìgò létí títì wa ti ń wá, kò sì sí bí tiwa ò ṣe ní gbéra. Àwọn sẹ́mìjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, torí owó tí wọ́n fi ń ra epo láàárọ̀ ni wọ́n fi ń wá owó oúnjẹ alẹ́.

Ká ní ọ̀kan nínú wọn ń ti alùpùpù rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya á ní fọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ gbé fọ́tò náà sínú gúrúùpù àwọn sẹ́mìjàn, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń gùn ún. Ní báyìí, òun ló ń gùn mí." Gbogbo àwọn tó kà á ló ti ti alùpùpù lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ kò bu ẹnikẹ́ni kù, ó sì ṣiṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ti sọ ìtìjú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bá a sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ tẹ̀rín-tẹ̀rín dójú tì í mọ́. Èkejì, ó rí i pé òun nìkan kọ́. Ẹni tí ebi ń pa nínú yàrá rẹ̀ máa ń rò pé òun ni aláìmọ̀ọ́ṣe. Ìgbà tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá dáhùn pé "tèmi náà rèé," ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ epo ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí òun.

Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Andrea Samson àti James Gross, dán irú nǹkan yìí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Wọ́n fi àwòrán tó ń bani nínú jẹ́ han àwọn èèyàn. Wọ́n ní kí wọ́n fi àwọn kan ṣe àwàdà onínúure, kí wọ́n fi àwọn mìíràn ṣe ẹ̀fẹ̀ ẹlẹ́gàn, kí wọ́n sì kàn wo àwọn tó kù lásán. Irú àwàdà méjèèjì ló mú ìbànújẹ́ fúyẹ́ ju wíwò lásán lọ. Èyí tó ní inú rere nínú ló ṣiṣẹ́ jù. Ohun tó mú mi lọ́kàn níbẹ̀ ni pé ẹ̀gàn náà máa ń tu ẹni tó ń ṣe é lára. Àwọn ará gúrúùpù yín kò purọ́ bí wọ́n bá ní ara tu àwọn. Ìbéèrè tó kù ni owó ta ni wọ́n fi ra ìtura náà.

Padà wá síbi fọ́tò yẹn. Ẹnì kan gbé e kúrò nínú gúrúùpù sẹ́mìjàn, ó fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Nígbà tó fi máa dé gúrúùpù kẹta, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ti bọ́, àwọn tó ń wò ó sì lè jẹ́ onímọ́tò tó ń ra epo nílé epo. Ẹnì kan pa ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ rẹ́, ó kọ tirẹ̀: "Kò lówó epo, ó sì fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì." Fọ́tò kan náà ni, ojú ọkùnrin yẹn kan náà ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò lórí epo tó wọ́n, ó ti bọ́ sórí ẹni tí kò rí i rà. Kò sì sí níbẹ̀ láti fèsì. Ibí yìí ni ìkà ti ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí a bá ń tari rẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lè má ní ẹ̀bi kankan.

Àwọn baba ńlá wa ní Kétu ń ṣe ẹ̀fẹ̀ tó le ju ti fóònù lọ, wọ́n sì ń ṣe é ní gbangba. Àwọn ará ìlú mìíràn mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ ijó ọ̀sán àti igi gbígbẹ́ tó rẹwà, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò gẹ́gẹ́ bí ogún tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Àmọ́ òru tó ṣáájú ijó ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ wà. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́jà, tí gbogbo ìlú ti pé, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, olórin tó gbé agọ̀ wọ̀, á jáde. Kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀yẹ́. Á kọ́kọ́ júbà: á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá wa, á júbà àgbà àti àwọn tó ti kọrin ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tí ìbà bá parí ló tó kàn olè, alágbèrè, ahun, ìjòyè tó ń jẹ owó ìlú. Àwọn tó ń bá wí lè wà láàárín èrò, kí aya àti ọmọ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A kì í bá a jà, torí ọba kì í pa ọ̀kọrin.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé Ẹ̀fẹ̀ kì í dunni. Ó máa ń dun ìdílé ẹlòmíràn títí ọdún yóò fi yí po. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe tò ó. Gbogbo ìlú mọ olórin, kò sì lè sọ pé òun kọ́. Òru kan ni, ilẹ̀ á mọ́, ijó ọ̀sán á sì tẹ̀ lé e. Lékè gbogbo rẹ̀, ohun tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni wọ́n ń kọrin lé lórí. Olórin tó bá kọrin bú opó nítorí pé ọkọ rẹ̀ kú, ìtìjú ara rẹ̀ ló ń pè. Àwọn àgbà tó ní "a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á" kò ka ìka kà léèwọ̀. Wọ́n ní kí o wo ẹni tó jókòó tì ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Lórí fóònù, o ò mọ ẹni tó jókòó tì ọ́. Oníka mẹ́sàn-án lè wà nínú gúrúùpù náà, kó má sọ̀rọ̀.

O ní wọ́n ń fi òkú náà ṣe é. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 kan náà, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó payò pa mọ́ sí ní Sèmè-Kraké, nítòsí ẹnubodè. Èèyàn tó ju 30 lọ ló kú. Jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ méjì wé ara wọn níbẹ̀. Ká ní obìnrin òntajà kan tó sá jáde láàyè ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé: "Ikú gbóòórùn epo lára mi, ó ní kí n máa tajà mi lọ." Ẹlòmíràn jókòó sílé rẹ̀ ní Kùtọnu, ó ń fi àwọn tó jóná wé ẹran yíyan. Iná kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ ikú kò yẹ lẹ́nu, o ti pa obìnrin yẹn lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ ohun tó jẹ́ kó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí náà mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní àwọn nǹkan kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ láé. Ohun tí mò ń wò ni ẹni tí iná jó.

Mo tún ń wo ìgbà. Nígbà tí ìjì Sandy jà ní Amẹ́ríkà ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Peter McGraw, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi àwọn èèyàn léèrè, ní oríṣiríṣi ọjọ́, bóyá ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nípa ìjì náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kí ó tó dé, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ohun tó bà jẹ́, ẹ̀rín gbẹ. Nǹkan bí ọjọ́ 36 lẹ́yìn rẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù, lẹ́yìn náà ló tún ń lọ sílẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣá. Mi ò ní kí ẹ máa ka ọjọ́ o. Ti ìjì yẹn ni 36, òkú ọmọ ẹni kò ní iye ọjọ́. Àmọ́ ó bá ohun tí a ti mọ̀ mu: nílé òkú àgbà, àwọn ìyàwó ilé a máa sín òkú jẹ títí èrò á fi dì mọ́ra lẹ́rìn-ín. Nílé òkú ọ̀dọ́, ẹnikẹ́ni kì í dán an wò.

Apá kan wà tí àwọn èèyàn kì í fọkàn sí. Ẹni tó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ náà lè máa hùwà ìkà, sí ara rẹ̀. Sẹ́mìjàn tó ní alùpùpù ń gun òun ń sọ nípa epo. Bó bá di pé lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ pé "ìdọ̀tí ni mí, ẹ gbá mi dànù," tó sì ń fi àwòrán ẹ̀rín sí i, kò sọ nípa epo mọ́. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ ni pé kò ní dákẹ́ ẹ̀fẹ̀ bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ gidi. Bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ẹni tí ẹ̀fẹ̀ ń tù lára á rẹ́rìn-ín, á sì sọ òtítọ́: ó jẹ, tàbí kò jẹ. Ẹni tí ẹ̀fẹ̀ ti di ìbòjú fún á tún fi ẹ̀fẹ̀ mìíràn dá ọ lóhùn.

Nínú gúrúùpù yín, má ṣe wàásù, wọ́n á fi ìwàásù rẹ ṣe míìmù kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àwòrán kan bá dé tí ojú èèyàn hàn níbẹ̀, béèrè pé: "Ta ni eléyìí? Ṣé òun ló fi síbí?" Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń fi gbèsè ara rẹ̀ ṣeré lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ lóminú, má fèsì sí i lójú gbogbo ènìyàn. Pè é lórí fóònù lálẹ́, béèrè iye tó jẹ àti ẹni tó jẹ.