Ìtumọ̀ réńkò: ògiri tí kì í ka ọjọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, àwọn tó ń ta ṣíà ní Ìbarà níbí kò dákẹ́ lórí ṣáàtì réńkò. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn? Báwo ni ṣáàtì ṣe lè yọ àkókò kúrò?"

Àbúrò, èdè àwọn ará Japan ni. "Renga" ni wọ́n ń pe bíríkì, ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ náà ti wá.

Wo ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ọbáńtokò. Owó tán lọ́wọ́ onílé, bíríkìlà ò débẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Owó wọlé, wọ́n to ìlà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní rí oṣù mẹ́fà yẹn lára ògiri. Ìlà búlọ́ọ̀kù nìkan ló máa kà. Réńkò nìyẹn: ìgbà tí iye ṣíà bá rìn tó ìwọ̀n bíríkì tí a yàn nìkan ló máa ń to bíríkì, ọjọ́ yòówù kó gbà. Ṣáàtì alábẹ́là, tó ń ya iye ọjà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí àbẹ́là, ní tiẹ̀ dà bí alágbàṣe olówó ojúmọ́: ọjọ́ bá ti pé, ó gbọ́dọ̀ ya àbẹ́là kan, ì báà jẹ́ pé ọjà ò kúrò lójú kan.

Ká ní bíríkì wa jẹ́ náírà 2, tí ṣíà kan wà ní 100. Ó dé 102, bíríkì kan jáde. Ó dé 104, ìkejì gun orí rẹ̀. Ó wá já sí 103, ó já sí 101, ó tún gòkè sí 103: ṣáàtì ò mira rárá. Kí bíríkì tó lè yí padà sísàlẹ̀, ọjà gbọ́dọ̀ fi odindi náírà 2 kọjá ìdí bíríkì tó kẹ́yìn. Ìdí yẹn wà ní 102, nítorí náà ó di 100. Lílọ-bíbọ̀ tí kò tó láti to bíríkì tuntun yẹn ni wọ́n ń pè ní ariwo ọjà.

Ṣáàtì pọ́ìntì-àǹdì-fígọ̀, tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kì í ka ọjọ́ bákan náà. X ni fún ìgòkè, O fún ìjábọ̀; àpótí kan ni X tàbí O kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tò wọ́n lórí ara wọn di òpó. Àpótí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bèèrè kí wọ́n tó yí òpó padà, nítorí náà tí àpótí bá jẹ́ náírà 2 bíi bíríkì wa, láti 104 yẹn, àfi tó bá kan 98. Ó lọ́ra ju réńkò lọ, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ibi tó ti ta mí rèé. Ṣíà mi parí ọjọ́ ní 104. Ìròyìn burúkú jáde lóru, ọjà ṣí ní 97. Réńkò to bíríkì méjì sísàlẹ̀, 102 sí 100, 100 sí 98, wọ́n gún régé bí ẹni pé ọjà rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ní lọ́kàn pé tó bá kan 100 màá tà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan ní 100 láàárọ̀ yẹn. Ẹni tó bá fi réńkò dán ọgbọ́n ìtajà wò lórí ọjà àtẹ̀yìnwá á máa ka irú èrè tí kò sí bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, mo máa ń ṣí alábẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó tà. Òun ló máa fi 97 hàn mí.