Sìgá kan lójúmọ́ àti ìkọlù ọkàn

Sìgá kan péré ni mò ń mu lójúmọ́. Ṣé ìyẹn náà lè fa ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àfikún ewu tó wà lórí ẹni tó ń mu ẹyọ kan lójúmọ́ tó nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ń mu 20.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì níbẹ̀. Èéfín sìgá ń ba awọ yìí jẹ́. Ọ̀rá á ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, á máa ga díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora. Èéfín yẹn kan náà ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń dí ojú ọgbẹ́ tètè lẹ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀rá náà bá ya, wọ́n á rọ́ débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dì. Bó bá dí iṣan tó ń bọ́ ọkàn, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni.

Èéfín díẹ̀ ti tó láti mú ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ìdí nìyẹn tí dídín sìgá kù kò fi tó. Ẹ jáwọ́ pátápátá: ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ iṣan fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún.